Ọmọ dé, ara wa ò gba ara wa mọ́: kí ni kí àwa tó ti rẹ̀ ṣe?

Aránṣọ_Ìgbògbò
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìgbògbò níbí ni mò ń gbé, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ọmọ wa àgbà ti pé ọdún 3, àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 5. Márínà ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Aago 4:40 ìdájí ló ń jáde, ó di aago 8:45 alẹ́ kó tó wọlé. Tẹ́lẹ̀, a máa ń bá ara wa ṣeré títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní báyìí, bó bá fọwọ́ kàn mí lóru, ńṣe ni ara mi máa ń le gbagidi. Ó ti ń rò pé mi ò fẹ́ òun mọ́. Mo fẹ́ ẹ, ó rẹ̀ mí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ká máa jáde lọ jẹun níta. Kò sówó, kò sì sẹ́ni tó máa bá wa dúró ti ọmọ. Kí la lè ṣe?

Baálé_Ògòlóńtò
Arábìnrin, ẹ lajú yín o. Ọkùnrin tó ń wọlé ní aago 8:45 lójoojúmọ́, ẹ bi í léèrè ibi tó ń yà sí. Bí ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àṣé ó ti gba yàrá fún ẹnì kan ní Máìlì 12.

Ọmọ_Ìpakòdò
Baálé, ibo lẹ ti ka ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ tó kọ? Èmi náà ń ti Márínà bọ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá jáde lẹ́nu iṣẹ́ ní aago 5:30 tí mo sì gba orí ilẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12 nìkan ti tó fi ìdajì alẹ́ ṣòfò. Ọjọ́ tí mo bá bá ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ ní Ìpakòdò nìkan ni mo máa ń bá àwọn ọmọ lójúfò. Ẹ jẹ́ ká dá obìnrin yìí lóhùn ohun tó béèrè.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
Ọmọ mi, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kí n tó dá ọ lóhùn, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Bí ẹ bá sún mọ́ra, ṣé ìrora wà ńbẹ̀? Ṣé ojú ara rẹ máa ń gbẹ? Ṣé nǹkan oṣù rẹ ti padà? Kí lẹ ń lò kí oyún má bàa dé? Ta ló ń jí sí ọmọ lóru? Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Àwọn obìnrin tó máa ń sọ fún mi pé ó ti sú àwọn, bí mo bá bi wọ́n báyìí tán, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń rí i pé ọkọ kọ́ ló sú wọn.

Aránṣọ_Ìgbògbò
Màmá, ojú ń tì mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré la ti gbìyànjú ẹ̀ látìgbà tí mo bí ọmọ yìí. Ó gbẹ, ó sì ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i. Mo kàn di eyín mọ́ ọn ni, mi ò sọ fún un. Nǹkan oṣù ò tíì yọjú. A ò lo nǹkan kan, torí wọ́n ní ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn kì í lóyún, àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ìyá ọkọ mi tún ní omi ọkùnrin máa ń ba ọyàn jẹ́, pé ọmọ á máa rù. Ti òru, èmi nìkan ni: aago 11, aago 2, aago 4. Bí mo bá ti tẹ́ ọmọ sílẹ̀ ní aago 4, ọkọ mi ti ń wẹ̀ nìyẹn.

Alhaja_Adámọ̀
Ìyá ọkọ ẹ ò parọ́. Láyé àwọn ìyá wa, obìnrin tó bímọ kì í wọ yàrá ọkọ títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọyàn. Ọdún 2 ni, ó tiẹ̀ lè tó 3. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ ń kánjú. Ti oyún, kó o fọkàn balẹ̀. Bí ọmọ bá ṣì ń mu ọyàn, oyún ò lè wọlé. Èmi bí mẹ́fà, mi ò lo nǹkan kan rí.

Bàbá_Mẹ́ta
Alhaja, bí oyún ò bá lè wọlé, kí wá ni wọ́n ṣe ń sá fún yàrá ọkọ fún ọdún 3? 😄

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
Ẹ má fi Alhaja ṣe yẹ̀yẹ́, apá kan òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn àgbà ti rí i pé ọmọ tí oyún àbúrò bá tètè gba ọyàn lẹ́nu ẹ̀ máa ń rù. Ohun tí wọ́n rí ò ṣì wọ́n lójú. Ìdí tí wọ́n fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ọkùnrin ò ní ọ̀nà kankan tó gbà dé inú ọyàn. Oyún tó tètè tẹ̀ lé oyún ló ń fìyà jẹ ọmọ àti ìyá, ìyẹn náà la sì ń sá fún bá a ṣe ń sọ pé kí àlàfo wà.

Ti ọyàn tó ń dènà oyún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ò gbọ́dọ̀ tíì pé oṣù 6, nǹkan oṣù ò gbọ́dọ̀ tíì padà, ọmọ ò sì gbọ́dọ̀ máa jẹ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ọyàn, tọ̀sán-tòru. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò dáàbò bò ọ́ mọ́. Aránṣọ, ọmọ rẹ ti pé oṣù 5. Ṣé ọyàn nìkan ló ń mu?

Aránṣọ_Ìgbògbò
Hmm. Ìyá ọkọ mi ti ń fún un ní ògì láàárọ̀ látìgbà tó ti pé oṣù 4, wọ́n ní kì í yó. Ó tún ń mu àgbo díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ò wá ṣe lásán nìyẹn. Má sì dúró de nǹkan oṣù kó o tó mọ̀ pé ara ti ṣí: ẹyin máa ń kọ́kọ́ jáde ná, ẹ̀jẹ̀ á tó tẹ̀ lé e ní bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọmọ fi lè lóyún láìrí nǹkan oṣù rárá. Níwọ̀n bí ẹ sì ti sún mọ́ra láìlo nǹkan kan, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ọ́ wò bóyá oyún ti wà.

Lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ọ, lọ béèrè ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Sọ fún wọn pé ò ń fún ọmọ lọ́yàn. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ awọ apá tó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 tàbí 5, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Wọn kì í ba omi ọyàn jẹ́. Abẹ́rẹ́ àti ti apá lè da nǹkan oṣù rú, kí ẹ̀jẹ̀ máa yọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà bi wọ́n dáadáa kó o tó yan ọ̀kan. Àmọ́ lọ pẹ̀lú ọkọ rẹ bí ààyè bá wà, kó má ṣe dà bí ohun tó o ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ti gbígbẹ yẹn, kì í ṣe àmì pé ìfẹ́ tán. Bí ọmọ bá ń mu ọyàn, ara ìyá máa ń dín èròjà tó ń mú ojú ara tutù kù, ojú ara á gbẹ, awọ rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Ọkàn rẹ lè fẹ́, kí ibẹ̀ má tutù. Ìwọ wá di eyín mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ara máa ń rántí ìrora. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn ọ́ lóru, ara rẹ ti mọ ibi tó ń lọ, ló bá le gbagidi kí ìwọ fúnra rẹ tó ronú. Ọkọ rẹ wá rí líle yẹn, ó pè é ní ìkórìíra. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọ́ nìyẹn.

Ohun tí wàá ṣe ò pọ̀. Béèrè jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi omi ṣe ní ilé oògùn, sọ ohun tó o fẹ́ lò ó fún, kó o sì lò ó lọ́pọ̀. Má fi fasilíìnì tàbí òróró dípò rẹ̀ bí ẹ bá ń lo rọ́bà, òróró máa ń jẹ́ kí rọ́bà ya. Bó bá tún ń ro ọ́, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má di eyín mọ́ nǹkan kan mọ́. Bó bá sì jẹ́ ojú ibi tí wọ́n ti rán ọ ló ń ro ọ́, tàbí ẹ̀jẹ̀ ń yọ, tàbí ibẹ̀ ń rùn, jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò. Bí jẹ́ẹ̀lì ò bá ṣiṣẹ́, padà lọ bá wọn, oògùn mìíràn wà.

Bàbá_Mẹ́ta
Màmá ti sọ ti ara, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti oorun, torí ibẹ̀ lèmi àtìyàwó mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín gaàrí. Ọmọ mẹ́ta ni, kékeré ò tíì pé ọdún 2.

Ìṣirò tá a ṣe rèé. Ìyàwó mi ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru, kò sì sí ìgbà kankan tó sun wákàtí 3 tó tẹ̀ léra. Oorun tó já sí wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sinmi ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó o bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó lè tó wákàtí 6. A wá pín òru sí méjì. Bí mo bá ti wọlé tí mo jẹun, ó fún ọmọ lọ́yàn ní aago 9, ó wọ yàrá lọ sùn, tèmi ni ọmọ títí di aago 12:30. Èmi ni mò ń gbé e, tí mò ń gbọ̀n ọ́n, tí mò ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí. Bí ebi bá ń pa á lóòótọ́, màá gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ lórí ìbùsùn, kò ní dìde, bó bá mu tán màá gbé e padà, màá jẹ́ kó gùnfẹ̀. Láti aago 12:30, èmi ni mo ń sùn. Tèmi kúrú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mò ń sùn nínú ọkọ̀. Obìnrin tó ń ránṣọ ò lè sùn lórí ẹ̀rọ.

Èkejì, a yé fi ìfẹ́ sí ìparí ọjọ́. Aago 10 alẹ́ ò dára fún nǹkan kan ju oorun lọ. Ọjọ́ Sátidé làwa ń lò. Àgbà méjì a ti lọ sí ilé kéú láti aago 9 títí di ọ̀sán, kékeré máa ń sùn lẹ́yìn tó bá ti mu ọyàn ní bí aago 10. Ó máa ń fún wa ní bí ìṣẹ́jú 40, nígbà míì wákàtí kan. A ò ní fọṣọ nínú wákàtí yẹn, a ò ní gbálẹ̀.

Arẹwà_Sábó
Ẹ ṣàánú mi o! Ìfẹ́ wá dà bí ìpàdé ẹgbẹ́ alájọ, Sátidé aago 10? Èmi ò lè fẹ́ ọkùnrin tó ń wo aago. Bí kò bá wá fúnra ẹ̀, kò dùn.

Bàbá_Mẹ́ta
Arẹwà, ọmọ mélòó lẹ ní?

Arẹwà_Sábó
Mi ò tíì bí. Ìyẹn ò ní kí n má sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
Ó lè sọ̀rọ̀, ohun tó sọ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí Sátidé bá ti di gbèsè tí obìnrin gbọ́dọ̀ san, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn jẹ́ pé ẹ ó jọ wà, kì í ṣe pé ẹ ó bá ara yín sùn. Aránṣọ, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ kúkú fẹnu kò pé kò ní débẹ̀ rárá. Kó fi òróró pa ọ́ lẹ́yìn, kó o sùn lé e láyà, kó tán síbẹ̀. Ara tó ń sá fún ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ò béèrè nǹkan kan.

Yàrá_Kan
Ẹ̀yin ń sọ "wọ yàrá lọ sùn". Yàrá kan làwa ń gbé ní Ágíríìkì, ọmọ mẹ́ta, àbúrò ìyàwó mi obìnrin náà wà ńbẹ̀. Ibo ni kí n máa pa ẹnikẹ́ni lẹ́yìn? Ohun tí àwa rí ṣe ni pé bí iná bá lọ lálẹ́, tí ooru bá mú, àwa méjèèjì á jókòó síta lórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá kànga. Màá ti ra bọ̀ọ̀lì kan bọ̀ láti òpópónà, a ó pín in sí méjì. Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ níwájú àbúrò ẹ̀, ibẹ̀ la ti ń sọ ọ́. Ìyókù, ọlọ́run ló mọ bá a ṣe ń ṣe é.

Ọmọ_Ìpakòdò
Ìyẹn bọ̀ọ̀lì yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ìkan. Kí a tó bímọ, Àbẹ̀kẹ́ ni mò ń pe ìyàwó mi, òun náà á kì mí ní Àkànní. Ọmọ dé, ó di "Màmá Tọ́lá" àti "Dádì Tọ́lá". Mi ò fura. Lọ́jọ́ kan ó tẹ̀ mí láago pé kí n ra ìtẹ́dìí bọ̀, mo ṣàdédé pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Látọjọ́ yẹn, mi ò pè é ní Màmá Tọ́lá mọ́ àyàfi níwájú àlejò. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Alhaja_Adámọ̀
Ìyẹn dáa. Oríkì máa ń mú ara obìnrin yá gágá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín, ibo ni ọmọ ń sùn? Ẹ máa gbé ọmọ sáàárín ara yín, ẹ ó tún máa wá ìfẹ́. Ẹ tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Bàbá_Mẹ́ta
Àwa gbìyànjú ẹ̀, ìyàwó mi ní òun ò lè máa dìde lọ sí ibòmíràn lẹ́ẹ̀mẹta lóru. Ọmọ padà sáàárín wa. Mi ò bá a jà.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì
Mo máa ń fẹ́ kí ọmọ sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá, lórí ibùsùn tirẹ̀ tó le, kó dojú sókè, láìsí ìrọ̀rí. Ẹni tó bá mu ọtí tàbí oògùn oorun ò gbọ́dọ̀ sùn ti ọmọ rárá. Mo mọ̀ pé ilé yàtọ̀ sílé.

Aránṣọ_Ìgbògbò
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, mo ní kí n wá jíyìn.

Mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìrora fún ọkọ mi. Inú ọkọ̀ ló wà, ohùn ni mo fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù torí mi ò lè wo ojú ẹ̀. Nígbà tó délé, kò jẹun. Ó ní, "Gbogbo ìgbà yẹn, ò ń jẹ ìrora, o ò sọ?" Ó sunkún díẹ̀, èmi náà sunkún. Ó ní òun rò pé ìsanra tí òun ń san ni mi ò fẹ́.

A lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé. Kò sóyún, a dúpẹ́. Mo gba ti apá. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́ bí Màmá ṣe sọ, ó ń sú mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ lóru. A ò tíì sọ fún ìyá ọkọ mi. Ti ògì, mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní oṣù 6 ti ń bọ̀ lọ́nà, kí n fi wọ́n sílẹ̀.

Òru, a pín in bí Bàbá Mẹ́ta ṣe wí, àmọ́ aago 11:30 ni ọkọ mi lè dé mọ, torí aago 4 ló ń jí. Síbẹ̀, mo sùn láti aago 9 sí 11:30 láìgbọ́ ẹkún ọmọ. Lọ́jọ́ kẹta, mo gé aṣọ oníbàárà kan láìṣì í. Ẹni tó ń ránṣọ á mọ ohun tí mo ń sọ.

Sátidé àkọ́kọ́, ọmọ kọ̀, kò sùn. Sátidé kejì, iná lọ, ooru mú, a kàn jókòó sí ẹnu ọ̀nà tá a jẹ ìkókoré tó kù látàná, a ń sọ̀rọ̀ ẹni tá a jọ mọ̀ nígbà tá a ń fẹ́ra. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀kẹta, ó pa mí lẹ́yìn, mo sùn lọ kó tó dé èjìká. Kò bínú. Àná ni ẹ̀kẹrin. Èmi ni mo sọ pé kó má dúró. A lo jẹ́ẹ̀lì, kò ta mí.

Ohun tó kù báyìí ni fóònù. Bó bá gbé ọmọ lálẹ́, ọwọ́ kan ni ọmọ wà, ọwọ́ kejì ni bọ́ọ̀lù Ṣẹ́ńpíọ́ọ̀nù wà. Ẹ̀yin ọkùnrin, báwo lẹ ṣe ń bọ́ nínú ìyẹn?

Ọmọ_Ìpakòdò
Aránṣọ, ẹ jẹ́ kó gbé ọmọ tán ná.

Baálé_Ògòlóńtò
Èmi ṣì ní kẹ́ ẹ bi í ibi tó ń yà sí.